Fọ́tò bí ògiri ṣe wà àti bó ṣe dà, ẹ̀rí oníbàárà, àti iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ

Àyìnkẹ́ Onílé (Òṣogbo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ògiri tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀, tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó, ni mo máa ń tún ṣe. Ilé oníyàrá mẹ́ta lè tó ₦1,400,000. Mo ń gbé fọ́tò bí ògiri ṣe wà àti bó ṣe dà sórí Wọ́sáàpù àti Fesibúùkù, mo sì ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rí oníbàárà bíi 20. Àwọn èèyàn á ní iṣẹ́ yìí dára, wọ́n á béèrè iye. Bí mo bá ti dárúkọ owó, wọn ò ní fèsì mọ́. Kí ni mo lè ṣe kí ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè fi fọ́tò àti ẹ̀rí wọ̀nyí gbà mí gbọ́? Mo fi fọ́tò méjì síbí, ẹ bá mi wò ó.

Bàbá Bíríkìlà

Ọmọ mi, ohun tó ń ṣe ògiri yẹn ni pé wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n, tàbí kí ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Má kàn kun ọ̀dà lé e. Ha pilásítà yẹn kúrò títí kọjá ibi tí àmì omi gùn dé, ó kéré tán kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan lé sí i. Lu ihò tẹ̀léra ní ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, fún oògùn adínà-omi sínú rẹ̀, kí o tó tún pilásítà mìíràn lé e. Kí o sì jẹ́ kó gbẹ dénú kí ọ̀dà tó kàn án. Bí o bá ṣe é báyìí, wọ́n á máa pè ọ́.

Àyìnkẹ́ Onílé

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Bí mo ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn kọ́ ni mò ń béèrè, sà. Ohun tí mò ń béèrè ni bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí ṣe máa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é.

Bàbá Bíríkìlà

Ó ti yé mi báyìí, má bínú. Ṣùgbọ́n tún fetí sí ohun tí o sọ yẹn. Nínú fọ́tò méjì tí o fi síbí, mo rí ògiri tó bó, mo sì rí ògiri funfun. Níbo ni ihò tí o lu wà? Níbo ni pilásítà tí o ha kúrò wà? Ẹni tó kàn kun ọ̀dà lé e náà lè ya fọ́tò méjì yẹn.

Títà Yá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó wúlò. Àyìnkẹ́, ìṣòro rẹ ni pé ẹ̀rí rẹ kò pọ̀ tó. Ogún kéré. Máa ya àwòrán ojú fóònù gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá kọ "ẹ ṣeun" sí ọ lórí Wọ́sáàpù, kí o sì máa gbé márùn-ún jáde lójoojúmọ́. Ojú ló ń rí i tí ọkàn fi ń gbà. Bí ẹnì kan bá rí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní kà á sí. Bó bá rí i nígbà ọgbọ̀n, á mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbé iṣẹ́ fún ọ. Ìyẹn ni mo fi ń ta bàtà láti ilé mi ní Alékùwodò, mi ò sì ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ohun kan tún wà níbẹ̀: má jẹ́ kí ẹ̀rí rẹ gbó. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti tó oṣù mẹ́fà, wọ́n á rò pé o ti kógbá sílé.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Àyìnkẹ́, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Òrùlé tó ń jò ni èmi ń tún ṣe, ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi àti tìrẹ jọra ní ọ̀nà kan: òjò ni onídàájọ́ wa. Nítorí náà ni mo ṣe fi ara balẹ̀ wo fọ́tò rẹ méjèèjì.

Nínú èkíní, mo rí koríko tútù gba ojú fèrèsé, ilẹ̀ ìta sì ṣú dúdú. Nínú èkejì, koríko yẹn ti gbẹ, eruku sì wà lórí irin fèrèsé. Àbí mo ṣì í? Òjò ni o fi ya èyí tó bàjẹ́, ọyẹ́ ni o fi ya èyí tó dára. Kò sí ògiri tí kì í gbẹ ní ọyẹ́, ọmọ mi. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn náà á gbẹ. Ẹni tó ti gbé inú irú ilé yẹn fún ọdún mẹ́ta mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Ó ti pe pẹ́ńtà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kínní ògiri ń dán, ní oṣù Keje ìyẹ̀fun funfun tún ti yọ, ọ̀dà tún ń wú bí àkàrà. Nígbà tó bá rí fọ́tò rẹ, ohun tó ń wò kọ́ ni ẹwà rẹ̀. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé irú èyí tí wọ́n ṣe fún mi ní ọjọ́sí kọ́ nìyí?" Lẹ́yìn náà o dárúkọ ₦1,400,000. Ó dákẹ́. Èmi náà ì bá dákẹ́.

Títà Yá, o ní òótọ́ kan lẹ́nu, pé ẹ̀rí kì í yẹ kó gbó. Ṣùgbọ́n bàtà ni o ń tà. Ẹni tó bá ra bàtà ₦15,000 tó sì já, inú á bí i lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lórí ògiri tó sì tún bó, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ló lọ yẹn. Ọgbọ̀n "ẹ ṣeun" kò lè gba ìbẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀, nítorí "ẹ ṣeun" kò sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, gbogbo èèyàn ló mọ̀ báyìí pé ìṣẹ́jú méjì tó láti fi nọ́ńbà mìíràn kọ̀wé sí ara ẹni lórí Wọ́sáàpù.

Àyìnkẹ́ Onílé

Màmá, ẹ ò ṣì í. Oṣù Kẹfà ni mo ya èkíní, oṣù Kínní ni mo ya èkejì. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, mà. Ìgbà tí iṣẹ́ parí tí ọ̀dà sì gbẹ ni mo yà á. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹlòmíràn lè wò ó báyẹn.

Báwo ni kí n ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ fún mi?

Ìyá Dọ́lápọ̀

Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Èmi náà ṣe é rí, ó sì dùn mí. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé fọ́tò àjà ilé kan jáde ní ọjọ́ tí mo parí rẹ̀. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, àmì omi yọ lára àjà, onílé sì lọ fi fọ́tò tirẹ̀ sábẹ́ tèmi. Mo padà lọ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ihò ìṣó méjì péré ni mo fojú fò. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́jọ kí ẹni tí ò mọ̀ mí tó tún pè mí. Láti ìgbà náà, mi ò pe ohunkóhun ní "bó ṣe dà" àfi bí òjò bá ti rọ̀ lé e.

Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ kan fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé kan ní Ọ̀ta-Ẹfun, òrùlé yàrá mẹ́rin, ₦900,000 ni mo gbà. Oṣù Kejì ni mo ṣe é, ìgbà tí kò sí òjò. Mo béèrè lọ́wọ́ onílé pé ṣé ó ní fọ́tò ọjọ́ tí ó ń jò. Ó ní i lórí fóònù rẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, láti oṣù Kẹwàá. Mo gba ìyẹn. Fọ́tò tí oníbàárà yà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú níyì ju èyí tí èmi máa yà lọ. Nígbà tí a ṣí páànù, mo ya ibi tí ìṣó ti dípẹtà tí ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀. Mo ya igi tó ti jẹrà kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ya èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀. Bàbá Bíríkìlà ti sọ ìyẹn: ohun tí ọ̀dà yóò bò mọ́lẹ̀ ni kí o yà, nítorí kò ní sí ààyè láti yà á mọ́.

Lẹ́yìn náà, mi ò gbé ohunkóhun jáde. Mo padà lọ ní oṣù Kẹrin lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, mo ya àjà yàrá kan náà. Mo tún padà lọ nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ń parí, nítorí òjò Kẹsàn-án ní Òṣogbo kì í ṣe ti eré lẹ́yìn ìsinmi oṣù Kẹjọ. Ìgbà yẹn ni mo tó kó gbogbo rẹ̀ jọ gbé jáde, pẹ̀lú oṣù tí mo ya ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́ta ló pè mí lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Mo lọ wo ilé méjì, ọ̀kan gbé iṣẹ́ fún mi. O lè ní ọ̀kan kéré. Iṣẹ́ tí ó gbé fún mi ju mílíọ̀nù méjì lọ, kò sì bá mi nájà púpọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí o ṣe ní ọyẹ́ tó kọjá, má gbé e jáde nísinsìnyí. Padà lọ lẹ́yìn òjò. Bí o bá sì ní iṣẹ́ ọdún tó kọjá tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó ti fojú winá ìgbà òjò kan tàbí méjì, ìyẹn ni ìṣúra rẹ. O kò nílò ogún. Mẹ́ta tó bá jẹ́ irú ilé oríṣiríṣi ti tó bẹ̀rẹ̀.

Àyìnkẹ́ Onílé

Mo ní mẹ́rin tó ti rí òjò kan, mà. Ilé kan ní Òkè-Fìà ti rí òjò méjì. Mi ò padà lọ síbẹ̀ rí láti fi ya fọ́tò.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Ti Òkè-Fìà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o bá dé ibẹ̀, mú fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́. Dúró sí ibi tí o dúró sí nígbà yẹn gan-an. Bí o bá lè rí súìsì iná àti igun fèrèsé nínú ti àtijọ́, jẹ́ kí wọ́n bọ́ sí ibì kan náà nínú tuntun. Má lo ojú kámẹ́rà tó ń mú yàrá fẹ̀ fún ọ̀kan kí o sì lo ti gidi fún èkejì. Má tan iná fóònù, má sì fi ohunkóhun tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Àkókò kan náà lọ́jọ́, kọ́tìnì ṣíṣí ní méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ló ń fi ògiri wíwú hàn. Bí o bá ya èyí tó bàjẹ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, tí o sì ya èyí tó dára pẹ̀lú iná tó kọjú sí i, ìwọ fúnra rẹ lò ń tan ojú jẹ láìmọ̀.

Bí o bá fẹ́ ohun kan tó ju fọ́tò lọ, lẹ ọ̀rá tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ kedere mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri yẹn, fi téèpù dí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pátápátá, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá ṣì ń jáde láti inú ògiri, ọ̀rinrin á hàn lẹ́yìn ọ̀rá náà. Ṣe fídíò ìgbà tí o lẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí o ṣí i. Kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, nítorí omi tó wà jìnnà nínú búlọ́ọ̀kù lè má tíì jáde, ṣùgbọ́n oníbàárà lè dán an wò nílé ara rẹ̀ kó tó pè ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀.

Ṣadé Ìpara

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbí. Èmi ń tọ́jú awọ ara ní Ìgbóná, ìtọ́jú oṣù mẹ́ta ni mo ń tà ní ₦350,000. Fọ́tò ojú oníbàárà ṣáájú àti lẹ́yìn ìtọ́jú ni mo máa ń lò. Gbogbo ìgbà tí mo bá sanwó fún Fesibúùkù kó gbé e káàkiri, wọ́n á kọ̀ ọ́. Ṣé nítorí pé mi ò ya fọ́tò láti ibì kan náà ni?

Ìyá Dọ́lápọ̀

Ṣadé, ti ìwọ yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni Fesibúùkù kì í fẹ́ fọ́tò ṣáájú-àti-lẹ́yìn nínú ìpolówó tó jẹ mọ́ ìlera àti ìrísí ara, bíi sísanra tàbí awọ ara. Bó ti wù kí o yà á dáadáa tó, wọ́n ṣì lè kọ̀ ọ́ bó bá jẹ́ ìpolówó tí o sanwó fún. Ti Àyìnkẹ́ jẹ́ ògiri, kò kan òfin yẹn. O lè máa gbé tìrẹ sí ojú-ewé rẹ, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ju ògiri lọ. Gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà, kí o sọ ibi tí fọ́tò náà máa dé nínú rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, wà fún irú rẹ̀, oníbàárà sì lè yí ọkàn padà lọ́la. Bó bá ní kí o yọ ọ́, yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣadé Ìpara

Ó ti yé mi, Màmá. Mo ti ń fi ẹnu gbà á ni, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Ọmọ Ọ̀ṣun Lókèèrè

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sanwó. Òkè òkun ni mo wà, mo ní ilé kan ní Ògo-Olúwa tí àwọn òbí mi ń gbé. Ní ọdún tó kọjá mo wá ẹni tó máa tún ìdáná wọn ṣe. Mo wo ojú-ewé bíi mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló ní fọ́tò tó rẹwà. Gbogbo wọn ló ní "iṣẹ́ yín dára, Ọlọ́run á bù kún yín".

Ẹni tí mo gbé e fún, ohun tó mú mi yà á sọ́tọ̀ ni ohùn obìnrin kan lórí ojú-ewé rẹ̀, bíi ìṣẹ́jú méjì, Yorùbá pọ́ńbélé. Obìnrin náà ní ẹ̀rù bà òun pé wọ́n á gba owó wọ́n á sá lọ, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun rí. Ó ní iṣẹ́ yẹn pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ, ọjọ́ mẹ́jọ ló fi lé, nítorí táìlì tí wọ́n rà kò pé. Ó ní wọ́n pe òun kí òun tó pè wọ́n, wọ́n sọ ìdí rẹ̀, wọn ò sì béèrè owó kún un. Ibi tó ti sọ pé ó pẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ilé máa ń pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tó bá pẹ́.

Ẹ̀rù mi tẹ̀lé ara wọn báyìí: kí wọ́n sá lọ, kí wọ́n fi owó kún un lágbedeméjì, kí wọ́n máa da àwọn arúgbó mi láàmú. Ẹwà ló gbẹ̀yìn.

Àyìnkẹ́ Onílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ogún tèmi tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹ ṣeun, ó dára" ni gbogbo wọn. Ṣé kí n kọ ọ́ fún wọn kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i?

Títà Yá

Kọ ọ́ fún wọn o. Àwọn oníbàárà kì í ní àkókò. Bí o bá dúró dè wọ́n, ọdún á yípo. Kọ ọ́ dáadáa, fi ránṣẹ́, sọ pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Rárá, Àyìnkẹ́, má kọ ọ́ fún wọn. Bí ìwọ bá kọ mẹ́ta, ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ní, ẹni tó bá kà á á sì mọ̀. Títà Yá ṣe òótọ́ pé wọn kì í ní àkókò. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ "ẹ ṣeun" ni pé o ní kí wọ́n kọ nǹkan láìbi wọ́n ní ìbéèrè. Bí o bá bi wọ́n, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí á fi sú ọ.

Lọ bá wọn nílé ní ọjọ́ tí o fẹ́ ya fọ́tò lẹ́yìn òjò. Jókòó. Béèrè pé, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù kí ẹ tó sanwó fún mi?" Dákẹ́ kí wọ́n dáhùn. Béèrè pé, "Ẹni mélòó ló ti ṣe ògiri yìí kí n tó dé, kí ló sì ṣẹlẹ̀?" Béèrè pé, "Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí ni inú yín ò dùn sí?" Èyí le láti béèrè. Béèrè é. Ìkẹyìn: "Ìgbà tí òjò rọ̀, kí lẹ rí?" Fi fóònù gba ohùn wọn, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Má tún èdè wọn ṣe. Bí Bàbá bá ní "ògiri náà ò làágùn mọ́", jẹ́ kó jẹ́ "làágùn". Ọ̀rọ̀ yẹn dára ju ohunkóhun tí èmi tàbí ìwọ lè kọ lọ. O lè gé e kúrú, ṣùgbọ́n má gé ibi tó sọ àbùkù kúrò kí o wá fi ìyìn nìkan sílẹ̀.

Àkókò tí o béèrè náà ṣe pàtàkì. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, inú wọn dùn, ọ̀dà ń dán, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ nǹkankan. Lẹ́yìn òjò ni wọ́n mọ̀.

Àyìnkẹ́ Onílé

Màmá, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nínú ogún yẹn, bíi méje ni mo dín ₦20,000 kù fún kí wọ́n lè kọ ẹ̀rí. Ṣé ó burú?

Ìyá Dọ́lápọ̀

Bí o bá dín owó kù kí wọ́n lè sọ ohun rere, ó burú. Bí o bá fún wọn ní nǹkan nítorí àkókò wọn, tí wọ́n sì ní òmìnira láti sọ ohun tó wù wọ́n, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé o fún wọn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí a fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà tàbí iṣẹ́. Láìka òfin sí, ìlú kan náà la jọ ń gbé. Onílé kan á sọ fún aládùúgbò rẹ̀ ní ibi ìnáwó pé, "Wọ́n dín owó fún mi ni mo fi kọ ọ́." Èmi á yọ méje yẹn kúrò.

Bàbá Bíríkìlà

Èmi náà á yọ wọ́n. Mẹ́tàlá tó kù ti pọ̀ jù pàápàá.

Àyìnkẹ́ Onílé

Mo ti yọ wọ́n báyìí. Ìṣòro kan ṣì kù. Àwọn tí iṣẹ́ wọn dára jù ni kì í fẹ́ kí ilé wọn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Onílé Òkè-Fìà yẹn ní òun kò fẹ́ kí olè mọ ohun tó wà ní pálọ̀ òun. Mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ọmọ Ọ̀ṣun Lókèèrè

Èmi náà kò jẹ́ gbà kí wọ́n gbé ilé àwọn òbí mi jáde. Ṣùgbọ́n mo gbà láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó ṣe ìdáná náà bi mí kó tó fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mi. Ẹni méjì ni mo ti bá sọ̀rọ̀. Bó bá di ẹni márùn-ún lóṣù, á sú mi.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ògiri nìkan ni kí o yà, Àyìnkẹ́: ìsàlẹ̀ rẹ̀, súìsì iná, igun fèrèsé. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí fọ́tò ẹbí lára ògiri, kò sí nọ́ńbà ilé, kò sí ọmọdé. Sọ àdúgbò, má sọ òpópónà. Fọ́tò lè gbé ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀, nítorí náà pa ètò ibi-tí-mo-wà lórí kámẹ́rà fóònù rẹ kó tó di pé o yà á. Lẹ́yìn náà ni kí o bi onílé bóyá ó lè gba ìpè ẹni kan ṣoṣo, ẹni tí ìwọ ti lọ wo ilé rẹ̀ tó sì ti gbọ́ iye owó. Má fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè "èló ni?" Ìpè kan báyẹn fún iṣẹ́ mílíọ̀nù kan ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ.

Títà Yá

Mo gbà pẹ̀lú ìyẹn. Mi ò ronú nípa ìpè rí, nítorí kò sẹ́ni tó máa pe ẹlòmíràn torí bàtà. Ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé kó kọ iye owó sábẹ́ fọ́tò. Bí gbogbo wọn bá ń sá nígbà tí wọ́n gbọ́ iye, kí wọ́n sá kí wọ́n tó fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Èmi kì í kọ ọ́. Ilé kan kò rí bí èkejì. Ẹni tó rí ₦900,000 tí ilé rẹ̀ sì jẹ́ yàrá méjì á sá, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ilé òkè á fi ₦900,000 dè mí mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun Lókèèrè

Ẹ dárí jì mí, Màmá, èmi fẹ́ rí iye. Bí mi ò bá rí i, mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ wo ojú mi kí wọ́n tó dá iye lé e, pàápàá bí wọ́n bá gbọ́ pé òkè òkun ni mo wà. Ẹ kọ iye iṣẹ́ yẹn gan-an, ilé yẹn gan-an, pẹ̀lú iye yàrá àti ohun tí owó náà kárí.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Bóyá fún ẹni tó wà lókèèrè, ó yàtọ̀. Mi ò tíì gbà tán fún ẹni tó wà nílé. Àyìnkẹ́ á dán ọ̀kan wò pẹ̀lú iye, á sì dán ọ̀kan wò láìsí iye, kó wá sọ fún wa.

Àyìnkẹ́ Onílé

Mo pe onílé Òkè-Fìà. Ó gbà kí n wá ní Sátidé, ògiri nìkan. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ gbé jáde, ẹ bá mi wò ó:

"Ilé oníyàrá mẹ́ta, Òkè-Fìà. Pẹ́ńtà méjì ti kùn ún ṣáájú wa. Fọ́tò kìíní: oṣù Keje, kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì: pilásítà tí a ha kúrò àti ihò tí a lu. Ìkẹta: ọjọ́ tí a parí, oṣù Kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ìkẹrin: lẹ́yìn ìgbà òjò méjì. ₦1,250,000 ni owó rẹ̀ nígbà náà, ó kárí oògùn, pilásítà, ọ̀dà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbọ́ ohùn onílé nísàlẹ̀. Igun kan lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ṣì ń rin díẹ̀, a ti ń lọ tún un ṣe."

Òótọ́ ni ti igun yẹn. Onílé ló sọ fún mi lórí fóònù lónìí.

Bàbá Bíríkìlà

Igun lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, lọ wo páìpù kó tó jẹ́ pé ògiri ni o máa dá lẹ́bi. Omi ilé ìwẹ̀ yàtọ̀ sí omi ilẹ̀. Mú ọ̀rá yẹn lọ, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí wọ́n má lo ilé ìwẹ̀ náà fún ọjọ́ kan. Bí ẹ̀yìn ọ̀rá bá gbẹ, omi ilé ìwẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ìyá Dọ́lápọ̀

Má yọ gbólóhùn nípa igun yẹn kúrò. Àmọ́ tún un ṣe kí o tó gbé e jáde, kí o sì fi fọ́tò karùn-ún kún un. Èmi náà ní òrùlé kan tí mo fẹ́ padà lọ wò ní ọ̀nà Gbọ̀ngán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àyìnkẹ́ Onílé

Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, sà. Mo ti ra ọ̀rá àti téèpù. Mà á padà wá sọ bó ṣe rí lẹ́yìn Sátidé.